Ta Ló Tún Wà Nínú Yàrá? Bí A Ṣe Ń Ṣètò Ìbẹ̀wò Dókítà Lórí Fídíò fún Àgbàlagbà

Bí ẹ bá jẹ́ ọmọ yunifásítì nínú ẹbí, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti pè yín láti ilé rí pé, "Jọ̀ọ́, wá bá Màmá ṣètò fóònù yìí, dókítà fẹ́ rí wọn lórí fídíò." Ẹni tó mọ fóònù lò ni wọ́n ń wá, wọ́n sì rò pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ náà parí sí. Mo ti bá àgbàlagbà mélòó kan ṣe é láàárín Iléṣà àti Òṣogbo, ohun tí mo sì rí ni pé fóònù ló rọrùn jù níbẹ̀. Ohun tó le ni etí tó wà nínú yàrá, títí kan etí ẹni tó mú fóònù dání.

Láti Iléṣà dé Òṣogbo kò ju nǹkan bí kìlómítà 30 lọ. Fún èmi àti ẹ̀yin, ìrìn kékeré ni. Ṣùgbọ́n fún ẹni tí orúnkún ń dùn, ó jẹ́ ọ̀rọ̀ wíwọ ọkọ̀ méjì, jíjókòó lórí bẹ́ǹṣì láti àárọ̀, àti ìdúró gígùn nítorí ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Nítorí náà, bí dókítà bá ti rí aláìsàn lójúkojú lẹ́ẹ̀kan, tó sì mọ àìsàn rẹ̀, ó lè gbà kí wọ́n máa fi fídíò ṣe àtẹ̀lé: kó wo bí oògùn ṣe ń ṣiṣẹ́, kó gbọ́ iye ìfúnpá, kó sì bi í bí ara ṣe rí. Irú èyí ni mo fẹ́ ṣàlàyé. Màmá àgbà kan tó lé ní ẹni ọdún 75, tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, tó ń gbé ní Iléṣà, tí dókítà wọn sì wà ní Òṣogbo, ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ. Ìbátan mi ni wọ́n. Wọ́n gbà kí n kọ ọ́ bí n kò bá ti dárúkọ wọn.

Ọjọ́ tó ṣáájú

Ìdílé sábà máa ń fi òwúrọ̀ ọjọ́ ìbẹ̀wò bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ tó ṣáájú ló yẹ ká bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ìbéèrè mẹ́ta tí a máa bi àgbàlagbà náà nígbà tó bá dá wà. Ìkínní: ṣé ẹ fẹ́ bá dókítà sọ̀rọ̀ lórí fídíò, àbí ẹ fẹ́ kí ẹ rí wọn lójúkojú? Ìkejì: ta lẹ fẹ́ kó wà níbẹ̀ pẹ̀lú yín? Ìkẹta: ṣé nǹkan kan wà tí ẹ fẹ́ bá dókítà sọ tí ẹ kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú ilé gbọ́? Ẹ má béèrè pé kí ni nǹkan ọ̀hún. "Bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "rárá" ti tó. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ béèrè nígbà tí wọ́n dá wà ni pé, bí ọmọ wọn tó ń sanwó oògùn bá jókòó tì wọ́n, kò sí ìyá tó máa sọ pé òun kò fẹ́ kó wà níbẹ̀. Màmá wa ní kí èmi ṣètò fóònù, kí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin sì wà níbẹ̀. Sí ìbéèrè kẹta, wọ́n wo ilẹ̀ díẹ̀, wọ́n ní, "Ó wà."

Lẹ́yìn náà ni a wá kan fóònù. Ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé ilé ìwòsàn ló ránṣẹ́ lóòótọ́. Nọ́ńbà tó wà lára káàdì ilé ìwòsàn ni kí ẹ pè, kì í ṣe nọ́ńbà tó wà nínú àtẹ̀jíṣẹ́ náà. Ẹnikẹ́ni tó bá sì ní kí Màmá ka nọ́ńbà mẹ́fà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sórí fóònù fún òun kì í ṣe dókítà. Nọ́ńbà yẹn ni àwọn oníjìbìtì fi ń gba Wásáàpù mọ́ni lọ́wọ́.

Bí ó bá jẹ́ Wásáàpù ni wọn yóò fi pè, ohun méjì ni kí ẹ wò lórí fóònù náà. Ẹ ṣí Wásáàpù, ẹ tẹ àmì tóótòó mẹ́ta tó wà lókè, kí ẹ tẹ `Linked devices`. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí i bóyá Wásáàpù Màmá ṣí sílẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà tàbí fóònù mìíràn. Bí ẹ bá rí ẹ̀rọ tí Màmá kò mọ̀, ẹ tẹ orúkọ ẹ̀rọ náà, kí ẹ sì tẹ `Log out`. Ohun kejì ni àwòrán. Dókítà lè ní kí ẹ fi àwòrán páálí oògùn tàbí ẹsẹ̀ tó wú ránṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni fóònù ìyá àgbà sì sábà máa ń wà lọ́wọ́ àwọn ọmọdé tó ń ṣe géèmù. Ẹ lọ sí `Settings`, lẹ́yìn náà `Chats`, kí ẹ pa `Media visibility`, kí àwòrán tó bá wọlé má baà máa hàn láàárín àwòrán ìgbéyàwó.

Bí ó bá jẹ́ líǹkì ni ilé ìwòsàn fi ránṣẹ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ tó ṣáájú. Fóònù yóò béèrè bóyá kí ó lo kámẹ́rà àti gbohùngbohùn. `While using the app` ni kí ẹ mú. Bí ẹnikẹ́ni bá ti kọ̀ ọ́ rí, dókítà yóò máa sọ̀rọ̀ láìgbọ́ ohùn Màmá, gbogbo yín yóò sì rò pé nẹ́tíwọ̀kì ni. Èyí lẹ fi máa mọ̀ ọ́n: bí ẹ bá ń rí dókítà, tí ẹ ń gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n tí kò gbọ́ yín rárá, gbohùngbohùn ni. Bí ohùn bá ń já, tí àwòrán sì ń dúró gbagidi, nẹ́tíwọ̀kì ni. Ní ti dátà, 1GB tó dáadáa fún ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú 20. Ẹ gba agbára sínú fóònù mọ́jú, nítorí iná lè má sí láàárọ̀.

Yàrá àti ibi tí ohùn ń gbà

Ìmọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níwájú aláìsàn. Bí fèrèsé bá wà lẹ́yìn Màmá, òjìji dúdú ni dókítà yóò máa rí. Ẹ yí àga kí wọ́n kọjú sí fèrèsé, kí ẹ gbé fóònù sórí tábìlì, kí ẹ fi agolo mílíìkì tì í lẹ́yìn, kó dọ́gba pẹ̀lú ojú wọn. Ẹ má dì í mú lọ́wọ́: ọwọ́ yóò rẹ̀ yín, àwòrán yóò máa mì, ẹ kò sì ní lè jáde nígbà tó bá yẹ kí ẹ jáde. Ẹ tan `Do Not Disturb`, nítorí ìpè lásán láti ọ̀dọ̀ ẹni tó fẹ́ kí Màmá lè dá fídíò náà dúró.

Ọ̀rọ̀ ohùn ṣe pàtàkì ju ti ìmọ́lẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ ní Iléṣà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn tí yàrá wà ní ọ̀tún àti òsì rẹ̀, fèrèsé yàrá iwájú sì kọjú sí ojúde. Bí ẹ bá ṣí ohùn fóònù sókè nínú yàrá bẹ́ẹ̀, gbogbo ilé ló ń bá wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà. Iyaàfonù, ìyẹn ohun ìgbọ́rọ̀ àfetísí tó ní okùn, máa ń jẹ́ kí ohùn dókítà dé etí Màmá nìkan. Ṣùgbọ́n ìdajì ọ̀rọ̀ nìyẹn. Ohun tí Màmá ń sọ ṣì ń jáde, kódà ó lè ròkè sí i, nítorí ẹni tí etí rẹ̀ ti dí kì í gbọ́ bí òun ṣe ń pariwo tó. Ohun tí a ṣe ni pé a mú yàrá tó wà lẹ́yìn pátápátá, a ti ilẹ̀kùn, mo sì jáde lọ dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí Màmá máa sọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. A wá gbé rédíò kan sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, a tàn án níwọ̀nba. Mo tún gbọ́ ohùn, ṣùgbọ́n n kò mọ ọ̀rọ̀ mọ́. Àyẹ̀wò yìí kò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ, kò sì sí ohun tí ẹ lè tẹ̀ lórí fóònù tó lè ṣe é fún yín.

Àwọn tó wà lókèèrè náà ní etí. Ẹ̀gbọ́n kan tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù lè ní kí wọ́n fi òun kún ìpè náà. Kò burú, bí Màmá bá fẹ́. Ṣùgbọ́n bó bá wọlé, kí ó fi ojú hàn, kí dókítà sì mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì gba ohùn tàbí àwòrán sílẹ̀ láti fi sínú ẹgbẹ́ ẹbí lórí Wásáàpù. Àṣírí tó ti wọ inú ẹgbẹ́ yẹn kò ṣeé kó padà.

Ohun tó yẹ kó wà lórí tábìlì

Dókítà tó wà ní Òṣogbo kò lè fọwọ́ kan aláìsàn tó wà ní Iléṣà, nítorí náà ẹ gbọ́dọ̀ wọn ìfúnpá sílẹ̀ dè é. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń dì mọ́ apá lókè ìgbúnwọ́ ni kí ẹ lò. Kí Màmá tọ̀, kí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ̀yìn wọn fara ti àga, kí ẹsẹ̀ méjèèjì wà nílẹ̀, kí apá wà lórí tábìlì ní ìdọ́gba pẹ̀lú àyà. Kí ẹnikẹ́ni má bá wọn sọ̀rọ̀ nígbà tí ẹ̀rọ ń fẹ́. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, kí ìṣẹ́jú kan wà láàárín. Ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti aago. Ẹ má mú èyí tó dára jù. Ti Màmá wa ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà jẹ́ 168/94 àti 164/92.

Inú ìwé kékeré kan tó jẹ́ ti Màmá ni a kọ ọ́ sí. Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ti mọ irú èyí tipẹ́. Ní àwọn ọdún 1950, Dókítà Dáfídì Mọ́lì tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Wẹ́sílì Gíìdì ní Iléṣà bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ìyá ní Ìmẹ̀sí-Ilé ní káàdì tí wọ́n fi ń tẹ̀lé bí ọmọ wọn ṣe ń dàgbà, ọwọ́ ìyá fúnra rẹ̀ ni káàdì náà sì ń wà. Ìlànà kan náà ni: ẹni tó ni ara ni kó ni ìwé.

Ẹ tún gbé àpò oògùn sí tòsí, pẹ̀lú gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, oògùn ilé ìwòsàn, èyí tí wọ́n rà ní ṣọ́ọ̀bù, àti àgbo. Ẹ má tú u wò. Ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ Màmá kí wọ́n lè fi ọwọ́ ara wọn mú un jáde.

Ẹ gba ẹnu wọn sọ̀rọ̀, ẹ má dáhùn fún wọn

Níbi tí a dé yìí, ẹ̀kọ́ wa wúlò. Nígbà tí dókítà bá wọlé, tó bá ní, "Màmá, ẹ kú àárọ̀, ṣé ara le?", Màmá yóò dáhùn pé, "A dúpẹ́ o." Ìkíni ni wọ́n ń dáhùn yẹn, wọn kò tíì sọ̀rọ̀ ara wọn. Dókítà tó bá kánjú lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé aláìsàn kò ní ìrora kankan. Bí ẹ bá wà níbẹ̀, ẹ kàn lè sọ pé, "Dókítà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bi wọ́n léèrè nípa ẹsẹ̀ àti oorun." Ìbéèrè tó dojú kọ ẹ̀yà ara kan máa ń mú ìdáhùn tó ju ìkíni lọ wá.

Bí dókítà kò bá gbọ́ Yorùbá, ẹ̀yin ni ògbufọ̀. Bí ó bá sì gbọ́ Yorùbá, ó lè má gbọ́ ti àgbà Ìjẹ̀ṣà tó ń pe ilé ní "ulé", tó sì ń sọ̀rọ̀ kíákíá. Ọ̀fìn tó wà níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ arọ́pò orúkọ. A kì í fi "ó" pe àgbà, "wọ́n" ni. Ẹ wo gbólóhùn yìí: "Wọ́n ní wọ́n fún wọn ní oògùn tí wọ́n ń lò." Ta ló fún ta ní oògùn? Màmá ni, àbí nọ́ọ̀sì, àbí aládùúgbò? Nínú ilé, a ó mọ̀. Lórí fídíò tí ohùn rẹ̀ ń já, dókítà kò ní mọ̀. Nítorí náà, ẹ sọ ọ́ bí Màmá ṣe sọ ọ́, pẹ̀lú "mo": "Mo ra oògùn kan fún orúnkún mi." Bí ọ̀rọ̀ kan bá ní ìtumọ̀ méjì, ẹ má yan ọ̀kan fún wọn. "Àyà mi ń já" lè jẹ́ ẹ̀rù, ó sì lè jẹ́ pé ọkàn wọn ń lù kìkì. Ẹ bi Màmá pé èwo ni, kí ẹ sì sọ ìdáhùn wọn.

Apá mẹ́ta ìbẹ̀wò náà

Ètò tí mo máa ń gbà ni pé kí ìbẹ̀wò pín sí mẹ́ta, kí dókítà sì mọ̀ ṣáájú. Ní apá àkọ́kọ́, olùrànlọ́wọ́ wà níbẹ̀. Dókítà sọ orúkọ rẹ̀ àti ilé ìwòsàn rẹ̀, ó sọ ẹni tó wà lọ́dọ̀ tirẹ̀, ó béèrè ẹni tó wà lọ́dọ̀ tiwa, ó gba nọ́ńbà tó lè pè bí fídíò bá já, ó sì béèrè ibi tí Màmá wà gan-an, kí ó lè mọ ibi tí a lè gbé wọn lọ bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. A ka iye ìfúnpá fún un. Ó ní kí n fi àtàǹpàkò tẹ iwájú ojúgun Màmá fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kí n gbé kámẹ́rà sún mọ́ ọn. Kòtò kékeré dúró níbẹ̀. Ẹsẹ̀ wú nìyẹn, dókítà sì rí i láti Òṣogbo.

Apá kejì ni olùrànlọ́wọ́ ń jáde. Dókítà fúnra rẹ̀ ló ní kí a jáde. Mo ti sọ fún un pé Màmá ní ọ̀rọ̀. Ó dára kó jẹ́ dókítà ló máa sọ ọ́, nítorí bí Màmá bá lé ọmọ wọn jáde, yóò dà bí ẹni pé wọ́n ní ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n fẹ́ bò. Bí dókítà bá sọ pé, "Gbogbo aláìsàn ni mo máa ń bá sọ̀rọ̀ ní èmi àti òun nìkan fún ìṣẹ́jú márùn-ún," kò sí ẹni tó máa bínú. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi jáde, a ti ilẹ̀kùn, rédíò ń sọ̀rọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ohun tí Màmá sọ nígbà yẹn, àwọn fúnra wọn ló sọ ọ́ fún mi lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Amulodipíìnì mílígíráàmù 10, ẹyọ kan láràárọ̀, ni dókítà kọ fún wọn. Láti ìgbà tí owó rẹ̀ ti gun òkè ni wọ́n ti ń dá ẹyọ kọ̀ọ̀kan sí méjì, kí oògùn oṣù kan lè lo oṣù méjì. Wọn kò fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi mọ̀, nítorí òun ló ń rà á, wọ́n sì ti rí i pé ọwọ́ rẹ̀ kò le. Yàtọ̀ sí ìyẹn, wọ́n ń lo ibupurofẹ́ẹ̀nì lójoojúmọ́ fún orúnkún. Oògùn yẹn lè gbé ìfúnpá sókè, ó sì lè jẹ́ kí ẹsẹ̀ wú.

Ẹ wo ohun tó wà nínú ewu. Dókítà tó rí 168/94, tó gbà pé Màmá ń lo odindi ẹyọ kan, yóò rò pé oògùn náà kò tó. Yóò fi òmíràn kún un, owó yóò tún pọ̀ sí i, Màmá yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá àwọn méjèèjì sí méjì. Ohun tí dókítà wá ṣe ni pé ó ní kí wọ́n padà sí odindi ẹyọ kan, ó kọ irú èyí tí owó rẹ̀ kéré sí i, ó ní kí wọ́n fi ibupurofẹ́ẹ̀nì sílẹ̀, ó sì ní kí wọ́n lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún kíndìnrín ní Iléṣà. Kò fi oògùn tuntun kankan kún un.

Ní apá kẹta, olùrànlọ́wọ́ padà wọlé, ṣùgbọ́n ohun tí Màmá gbà kí ó gbọ́ nìkan ni yóò gbọ́. Dókítà ní, "Odindi ẹyọ kan láràárọ̀, kò sí oògùn orúnkún mọ́, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kó tó di ọ̀sẹ̀ méjì." Kò sọ ìdí. Mo kọ ọ́ sínú ìwé Màmá, mo kà á padà sí i létí, ó ní bẹ́ẹ̀ ni.

Lẹ́yìn ìpè, àti ibi tí fídíò kò dé

Kí ẹ tó dá fóònù padà, ẹ pa àwọn àwòrán ẹsẹ̀ àti oògùn tí ẹ yà rẹ́, ẹ sì pa wọ́n rẹ́ lórí fóònù tiyín náà bí ẹ bá fi tiyín yà á. Ẹ ṣí àpótí ìdọ̀tí àwòrán, nítorí ohun tí a pa rẹ́ ṣì máa ń wà níbẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀.

Òfin wà lẹ́yìn Màmá. Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 2014 sọ pé àṣírí ni ọ̀rọ̀ ìlera aláìsàn nílé ìwòsàn, Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti ọdún 2023 sì ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ irú ìsọfúnni tó nílò ìṣọ́ra jù. Ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn àti àwọn tó ń tọ́jú dátà ni òfin méjèèjì dojú kọ jù lọ. Ọmọ-ọmọ tó dúró ní ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ọwọ́ rẹ̀ ni ó kù sí.

Ìgbà kan wà tí kò yẹ kí ẹ ṣí fídíò rárá. Bí ẹnu bá wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, bí apá tàbí ẹsẹ̀ kan bá kọ̀ láti ṣiṣẹ́, bí ọ̀rọ̀ bá ń lọ́ lẹ́nu lójijì, bí àyà bá ń dùn wọ́n tàbí tí wọn kò lè mí dáadáa, ẹ má dúró de àkókò ìpè. Ẹ wá ọkọ̀, kí ẹ gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn tó súnmọ́ jù lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí ìfúnpá bá dé 180/120 tí àmì kan nínú wọ̀nyí sì bá a rìn. Bí kò bá sí àmì kankan, ẹ jẹ́ kí wọ́n sinmi fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ tún un wọ̀n. Bí ó bá dúró síbẹ̀, ẹ pe dókítà lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ mú ìwé kékeré náà àti àpò oògùn dání bí ẹ bá ń lọ, kí ẹni tó bá gba Màmá níbẹ̀ lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé.